Sáfírè Inú Ilẹ̀, Sáfírè Inú Iná àti Dígí

Òkúta iyebíye ni a ń pe òkúta tó lẹ́wà, tó le, tó sì ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn ènìyàn ń gé e, wọ́n ń dán an, wọ́n sì ń dè é mọ́ wúrà tàbí fàdákà. Lórí àtẹ ọjà, orúkọ kan yìí máa ń bo nǹkan mẹ́ta mọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ ni òkúta àdáyébá, èyí tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bí. Ìkejì ni òkúta àtọwọ́dá: èròjà rẹ̀ àti ti inú ilẹ̀ kò yàtọ̀, bí èròjà náà ṣe tò nínú rẹ̀ kò yàtọ̀, àmọ́ iléeṣẹ́ ni ènìyàn ti ṣe é. Ìkẹta ni ayédèrú, tí kò bá òkúta gidi tan rárá, tó kàn fi àwọ̀ jọ ọ́. Dígí ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ayédèrú.

Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń pe ìkejì àti ìkẹta ní nǹkan kan náà. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ìdánwò tó ń tú àṣírí dígí kì í rí òkúta àtọwọ́dá mú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, torí àmì ìbí yẹn ni alágbẹ̀dẹ wúrà ń wá nínú òkúta. Sáfírè aláwọ̀ búlúù ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lọ́jà ní ojú kan náà.

Bí ilẹ̀ ṣe ń bí sáfírè

Ọmọ ìyá ni sáfírè àti rúbì. Kọrọ́ńdọ̀mù ni orúkọ ìdílé wọn, nǹkan méjì péré ló sì di wọ́n: alumíníọ́mù àti ọ́síjìn, tí àwọn onímọ̀ ń kọ báyìí: Al₂O₃. Bí kọrọ́ńdọ̀mù bá mọ́ pátápátá, kò ní àwọ̀ kankan. Gaara ni, bí omi. Ohun tó bá ṣèèṣì bá a wọlé ló ń fún un láwọ̀. Kírómíọ́mù ló ń sọ ọ́ di pupa, a ó sì pè é ní rúbì. Irin àti titéníọ́mù, bí wọ́n bá jọ wọlé, ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ìwọ̀n tí wọ́n nílò láti ṣe iṣẹ́ yìí kéré gan-an. Titéníọ́mù inú sáfírè kì í tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún òkúta náà.

Alumíníọ́mù pọ̀ nínú ilẹ̀ ju irin lọ, ọ́síjìn sì pọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Kí ló wá dé tí a kì í fi ọkọ́ hú sáfírè lẹ́yìnkùlé? Sílíkà ni kò jẹ́. Sílíkà ni èròjà tó wà nínú yanrìn funfun, ó sì kún inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta ayé. Níbikíbi tó bá ti pàdé alumíníọ́mù, ó máa ń gbà á mọ́ra, àwọn méjèèjì á sì di òkúta mìíràn, irú èyí tó pọ̀ nínú àpáta tí à ń fọ́ ṣe òkúta ìkọ́lé. Ibi tí sílíkà bá ti ṣọ̀wọ́n nìkan ni alumíníọ́mù ti ń ráyè dá dúró pẹ̀lú ọ́síjìn. Irú ibẹ̀ kò pọ̀, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tó jìn tó sì gbóná ni ọ̀pọ̀ wọn sì wà.

Ní Nàìjíríà, òkè pẹrẹsẹ Mànbílà ní ìpínlẹ̀ Tàràbà ni orúkọ rẹ̀ hàn jù nípa sáfírè báyìí. Ọdún 2014 ni ariwo rẹ̀ ta dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò òkè òkun. Àwọn òkúta dúdú tí wọ́n ń pè ní básáltì, èyí tó tú jáde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ní yíyọ́, ló gbé sáfírè ibẹ̀ wá sókè. Básáltì kọ́ ló bí i. Ìsàlẹ̀ ni sáfírè ti dàgbà, òkúta yíyọ́ tó ń gòkè bọ̀ ló fà á tu bí àgbàrá ṣe ń fa igi, tó sì gbé e wá síta. Iná òkúta yìí máa ń jẹ sáfírè lára lójú ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí ojú sáfírè tí wọ́n wà níbẹ̀ fi sábà máa ń dà bí ohun tí omi ti lá, tí igun rẹ̀ kò sì mú mọ́. Lẹ́yìn náà, òjò àti oòrùn sọ básáltì di ilẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n sáfírè le jù fún wọn. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti omi tó tóbi tó o, ti yanrìn kò sì tó ìlọ́po mẹ́ta, nítorí náà odò á gbé yanrìn lọ, á sì fi sáfírè sílẹ̀ nínú òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò. Ohun tí awakùsà ń ṣe nígbà tó bá ń jọ̀ ọ́ nínú omi kò ju pé ó ń parí iṣẹ́ tí odò ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó kan alágbẹ̀dẹ wúrà nínú ìtàn yìí ni bí sáfírè ṣe ń dàgbà. Ìpele lórí ìpele ni, lórí ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, òkúta náà sì ní ihà mẹ́fà. Bí ohun tó ń jẹ bá yí padà, tí irin tàbí titéníọ́mù pọ̀ sí i tàbí tó dín kù, àwọ̀ ìpele tó kàn á yí padà. Nígbà tí a bá gé òkúta náà, àwọn ìpele yìí á hàn bí ìlà búlúù àti ìlà tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, tó gún rége, tí wọ́n sì ń pàdé ní igun bí igun afárá oyin. Nínú rẹ̀ pẹ̀lú, a lè rí àwọn abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí titéníọ́mù dà, tí wọ́n dábùú ara wọn. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní ṣẹ́dà nítorí pé ó ń kọ yẹ̀ẹ̀ bí aṣọ ṣẹ́dà nínú ìmọ́lẹ̀. Ìsẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú lè ti fọ́ òkúta náà díẹ̀ nígbà tó ṣì wà nísàlẹ̀, kí omi ilẹ̀ tó wọ ojú ibẹ̀ tó sì tún un so. Ojú àpá bẹ́ẹ̀ máa ń dà bí ìlà orí ìka ènìyàn.

Tọmalíìnì Òkè-Ògùn, tó gba ọ̀nà mìíràn wá

Kì í ṣe gbogbo òkúta ló gba ọ̀nà sáfírè. Òkúta tó sọ Kómu àti agbègbè rẹ̀ ní Òkè-Ògùn di ibi tí oníṣòwò ń wá, tí wọ́n sì ń kó lọ sí Ọjọ́ọ̀ ní Ìbàdàn fún títà, ni tọmalíìnì, èyí tó lè jẹ́ aláwọ̀ ewé, pupa, osùn tàbí àwọ̀ méjì lára òkúta kan. Ara àpáta giránáìtì ló ti wá. Nígbà tí giránáìtì yíyọ́ bá ń tutù nísàlẹ̀ ilẹ̀, àwọn òkúta lásán ló kọ́kọ́ ń dì. Àwọn èròjà tí àyè kò gbà nínú wọn, bíi bórọ́nì àti lítíọ́mù, á máa kó jọ nínú omi gbígbóná tó ṣẹ́kù. Àṣẹ́kù yìí á já wọ inú lílà àpáta, níbi tí òkúta ti lè dàgbà tóbi, ní pàtàkì bí ó bá bá ihò lọ́nà. Àwọn àpáta ilẹ̀ wa tó bí irú èyí ti wà láti nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 600 sí 500 sẹ́yìn.

Mo mú un wọ inú ọ̀rọ̀ yìí fún ìdí kan tí ẹni tó ń ra òkúta ní Ọjọ́ọ̀ yẹ kó mọ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣe tọmalíìnì àtọwọ́dá tó tóbi tó ohun-ọ̀ṣọ́ fún títà. Bí wọ́n bá gbé òkúta aláwọ̀ ewé wá pé tọmalíìnì ni, ìbéèrè kì í ṣe bóyá iléeṣẹ́ ló ṣe é; ìbéèrè ni bóyá dígí ni, tàbí òkúta mìíràn. Tọmalíìnì sì ní àmì kan tó rọrùn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ máa ń pín sí méjì, tí wọ́n sì jìnnà síra. Fi lúùpù, awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, wo ìsàlẹ̀ òkúta náà láti ojú rẹ̀ lókè. Bí o bá ń yí i díẹ̀díẹ̀, ibì kan á dé tí ìlà ibi tí wọ́n gé ní ẹ̀yìn rẹ̀ á di méjìméjì. Ti dígí kì í di méjì láéláé. Ó ní ojú kan tí tọmalíìnì náà kì í ti pín ìmọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a sì gbé e sílẹ̀.

Sáfírè inú iná

Ọdún 1902 ni Auguste Verneuil, onímọ̀ kẹ́místrì ará Faransé, kéde ní Párísì pé òun ti rí ọ̀nà láti ṣe rúbì. Ọ̀nà yẹn náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ iléeṣẹ́ ṣì ń lò lónìí. Ìyẹ̀fun alumínà, ìyẹn alumíníọ́mù àti ọ́síjìn yẹn náà, tó kúnná gan-an ni wọ́n ń kó sínú agolo kan tí àwọ̀n wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òòlù kékeré á sì máa lù ú kí ìyẹ̀fun náà lè máa já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ń gba àárín iná ọ́síjìn àti háídírójìn kọjá. Iná yẹn lé ní ìwọ̀n gbígbóná 2,000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, nítorí pé alumínà kì í yọ́ títí ó fi tó nǹkan bí 2,050. Ìyẹ̀fun tó yọ́ á kán sórí ọ̀pá kan, á sì dì níbẹ̀. Wọ́n á máa fa ọ̀pá náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ohun orí rẹ̀ ti ń ga. Láàárín wákàtí díẹ̀, òkúta tó rí bí ìgò ọtí kékeré tí a dojú rẹ̀ dé ti dé. Kírómíọ́mù ni wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun bó bá jẹ́ rúbì ni wọ́n fẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1910 ni Verneuil rí i pé irin àti titéníọ́mù ló yẹ kí òun pò mọ́ ọn fún búlúù, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ náà ti ń ṣe é.

Ohun tó jáde yìí, sáfírè ni. Ó le bí i, ó wúwo bí i, ó sì ń tẹ ìmọ́lẹ̀ bí i. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe dàgbà: orí tó yí roboto bí orí olú ni ìyẹ̀fun yíyọ́ ń kán lé, kì í ṣe ojú tó tẹ́. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀lé yíyí orí náà. Nítorí náà, ìlà àwọ̀ inú rẹ̀ máa ń tẹ̀ bí ọrun, kì í gún rége. Bí iná bá sì gbóná jù tàbí tí ìyẹ̀fun bá yára jù, afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, á sì di ìfòfó wínníwínní. Ìlà tó tẹ̀ àti ìfòfó yìí ni àmì ìbí òkúta inú iná. Ilẹ̀ kì í ṣe ìlà tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú sáfírè.

Dígí, àti ohun tí Ifẹ̀ ti mọ̀

Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá fojú tẹ́ńbẹ́lú dígí, nítorí ó ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa rí. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Leo Frobenius ará Jámánì ti dé ní ọdún 1910, awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babátúndé Babalọlá ti wú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Láàárín sẹ́ńtúrì kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Èròjà dígí Ifẹ̀ kò jọ ti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù: alumínà àti ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ohun inú ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ṣe é.

Alumínà yẹn, òun náà ló wà nínú sáfírè. Ìyàtọ̀ tó kàn wá jù nínú wọn ni bí èròjà ṣe tò. Nínú sáfírè, èròjà gbogbo jókòó létòlétò, bíi búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà mọ ní ìlà. Nínú dígí, ó yọ́, ó sì tutù kíákíá kí ohunkóhun tó ráyè wá ipò rẹ̀, bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tú sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Nítorí pé kò sí ìlà kankan nínú dígí, ìmọ́lẹ̀ kì í rí ọ̀nà méjì gbà nínú rẹ̀. Bí méjì nínú àwọn ohun-èlò tí a ó dárúkọ ṣe ń mọ dígí nìyẹn.

Lórí tábìlì alágbẹ̀dẹ wúrà

Ká sọ pé ìyá kan kó òkúta búlúù mẹ́ta tó jogún wá, tí wọn kò tíì dè mọ́ òrùka. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn káráàtì 5, ìyẹn gíráàmù kan péré. Wọ́n tàn, wọ́n jọra, ìyá náà sì fẹ́ mọ èyí tí òun lè fún àwọn ọmọ òun.

Alágbẹ̀dẹ wúrà kọ́kọ́ nù wọ́n dáadáa, nítorí ọ̀rá ọwọ́ máa ń jọ àpá inú òkúta. Ó ti rí nǹkan kan kó tó gbé lúùpù: ọ̀kan nínú wọn tóbi ju méjì yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni wọ́n wọ̀n. Nígbà tó fi lúùpù wò ó, etí ojú rẹ̀ kò mú, ó ti pa bí etí owó ẹyọ àtijọ́, ojú kan nínú rẹ̀ sì rì wọnú díẹ̀. Ìfòfó roboto kan wà nítòsí etí. Nínú rẹ̀, àwọ̀ náà lọ́ bí ìgbà tí a bá da oyin sínú omi gbígbóná tí a kò tíì rò ó pọ̀.

Ó gbé e sáàárín awò méjì tó ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró, ohun-èlò tí wọ́n ń pè ní pólárískóòpù, ó sì yí i po. Dúdú ni òkúta yìí wà yíká. Àwọn méjì yòókù ń mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣókùnkùn, lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ìyípo kan. Lẹ́yìn náà, ó fi wọ́n sórí rifiraktómítà, èyí tó ń wọn bí òkúta ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Èyí tó tóbi fún un ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, 1.52. Àwọn méjì yòókù fún un ní nọ́ńbà méjìméjì: 1.762 àti 1.770, nọ́ńbà kọrọ́ńdọ̀mù.

Láti dá ara rẹ̀ lójú, ó so wọ́n rọ̀ sínú omi láti wọ̀n wọ́n. Èyí tó tóbi wá sílẹ̀ sí káráàtì 3. Ó pàdánù 2, nígbà tí a bá sì fi 2 pín 5, a ó rí 2.5: ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti omi. Dígí ni. Àwọn méjì yòókù wọn 3.75 nínú omi, wọ́n pàdánù 1.25, tí a bá fi pín 5 a ó rí 4. Kọrọ́ńdọ̀mù ni wọ́n lóòótọ́.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí, ibí sì ni wọ́n ti ń ṣìnà. Gbogbo ohun tó ti ṣe títí dé ìsinsìnyí kò lè ya sáfírè ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára sáfírè iná, nítorí ohun kan náà ni wọ́n. Àwọn ìdánwò tí wọ́n ń gbọ́ ní ọjà kò lè ṣe é pẹ̀lú. Òkúta iná máa ń ha dígí, ó sì ń tutù ní ètè bíi ti ilẹ̀. Ẹni tó bá fi òkúta ha òkúta tàbí tó fi í sínú iná láti dán an wò lè bà á jẹ́ kó tó mọ ohun tó jẹ́.

Alágbẹ̀dẹ wúrà wá fi àwọn méjèèjì sínú àwo omi lórí bébà funfun, ó tan iná láti ìsàlẹ̀, ó sì ń yí wọn lábẹ́ maikirosikóòpù. Omi yẹn dín dídán ojú òkúta kù, inú rẹ̀ á sì hàn. Nínú ọ̀kan, ìlà búlúù tó gún rége pàdé òmíràn ní igun, abẹ́rẹ́ ṣẹ́dà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ìkejì, ó mọ́ tónítóní. Ó yí i, ó tún yí i, kò rí nǹkan kan, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ kan tí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ méjì fara hàn, tí wọ́n tẹ̀ bí etí igbá. Ó ti parí fún ìyẹn.

Ó ṣì fi sípẹ́tírósíkóòpù wo àwọ̀ tí wọ́n ń gbé mì. Nínú òkúta tó ní ìlà gígún, ọ̀já dúdú kan wà nínú apá búlúù, nítòsí 450 nanómítà. Irin ló ń fi í hàn. Sáfírè tí básáltì gbé wá, irú ti Mànbílà, máa ń ní irin púpọ̀, nítorí náà ọ̀já yẹn máa ń hàn kedere nínú rẹ̀. Òkúta Verneuil kì í sábà ní in.

Ibi tí ojú kò tó

Àìrí àbùkù kì í ṣe ẹ̀rí pé òkúta dára. Sáfírè ńlá tó mọ́ tónítóní, tí owó rẹ̀ sì kéré, ni kó kọ́kọ́ mú kí ara fu ọ. Àwọn kan wà tí kì í ṣe inú iná bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, inú èròjà yíyọ́ tí òkúta ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀ ni. Ìlà wọn máa ń gún bíi ti ilẹ̀, àṣẹ́kù èròjà yíyọ́ tó há sínú wọn sì máa ń jọ ojú àpá tí omi ilẹ̀ tún so. Irú wọn gba yàrá ìdánwò tó ní ẹ̀rọ ńlá. Alágbẹ̀dẹ wúrà tó mọṣẹ́ kì í fi lúùpù dájọ́ wọn.

Ìbéèrè mìíràn wà tí kò kan bóyá ilẹ̀ ló bí i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfírè ilẹ̀ ni wọ́n ti yan nínú ààrò tó gbóná gan-an kí búlúù wọn lè mọ́, kí ṣẹ́dà wọn sì yọ́. Àdáyébá ni wọ́n síbẹ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Àwọn rúbì kan sì wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló bí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti kún fún lílà, tí wọ́n sì fi dígí olójé dí i. Bí a bá ń yí irú rẹ̀, a máa rí ìmọ́lẹ̀ búlúù tó ń kọ yẹ̀ẹ̀ nínú lílà náà àti ìfòfó tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Iná tí a fi ń jó òrùka lè yọ dígí náà jáde, ásíìdì tí a fi ń fọ wúrà náà lè jẹ ẹ́, rúbì ìyá oníyàá á sì di funfun fáú lórí tábìlì. Nítorí náà ni alágbẹ̀dẹ wúrà ṣe gbọ́dọ̀ wo òkúta kó tó gba òrùka fún àtúnṣe, kì í ṣe lẹ́yìn náà.

Bí òkúta bá wà nínú òrùka tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí, a kò lè wọ̀n ọ́n nínú omi, a kò sì lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ń tà á gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú rísíìtì pé inú òrùka ni òun ti wò ó, pẹ̀lú bóyá àdáyébá ni, àtọwọ́dá ni, tàbí dígí, àti bóyá wọ́n ti yan án.